Bátì Mẹ́jọ, Ọmọ Méjìdínláàádọ́ta

Ọdún mọ́kànlá ni Mákindé ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní tẹ́nìsì orí tábìlì. Tábìlì méjì àti bátì mẹ́jọ ni ilé-ìwé ní. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n gbá ni Mákindé máa ń kó bátì fún, àwọn yòókù á jókòó ti ògiri, wọ́n á máa wòran. Jọkẹ́, ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì kìíní, kì í jókòó ti ògiri.

Lọ́dún 1983, wọ́n gbé olùkọ́ tuntun kan wá, Morẹ́nikẹ́, ọmọ Ìjerò. Pirinsípà fi kíláàsì kìíní lé e lọ́wọ́ fún tẹ́nìsì ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mákindé rẹ́rìn-ín. Ọmọ méjìdínláàádọ́ta nínú gbọ̀ngán kan, pẹ̀lú bátì mẹ́jọ! Ó ní ariwo ni yóò kọ́ wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè fojú rí i. Morẹ́nikẹ́ ti fi ṣọ́ọ̀kì pín ilẹ̀ sí ibùdó mẹ́fà, ó sì fi ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní tábìlì kìíní, ọmọ mẹ́rin ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn láti igun sí igun, mẹ́rin yòókù ń ṣa bọ́ọ̀lù títí tí yóò fi kàn wọ́n. Tábìlì kejì wà fún sáàfù, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, bátì méjì ló wà níbẹ̀. Bátì méjì tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Ní ibùdó kẹrin, pátákó pẹlẹbẹ mẹ́jọ tí Kàsúmù káfíńtà gé ni wọ́n fi ń ta bọ́ọ̀lù sókè láìjẹ́ kó jábọ́. Ní ìkarùn-ún, ọwọ́ lásán ni wọ́n ń jù bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìkẹfà, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn kíákíá lórí ìlà, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ara wọn. Tí ó bá fọn fèrè, ọmọ ni yóò ṣí lọ sí ibùdó tó kàn. Bátì kò kúrò níbi tó wà.

Ẹnikẹ́ni kò jókòó. Mákindé padà sí ọ́fíìsì.

Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ Àǹtí Morẹ́nikẹ́ ti gba ilé-ìwé kan. Tàwàkálítù, ọmọ Kàsúmù, tí kò mú bátì rí, ti ń ta bọ́ọ̀lù ní àádọ́ta ìgbà láìjábọ́. Nílé, bí wọ́n bá ń jẹun, Àǹtí báyìí, Àǹtí bẹ́ẹ̀ ni Jọkẹ́ ń wí ṣáá. Bàbá rẹ̀ a ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ òun bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ní olùbẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó ṣáájú, Mákindé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó bátì méjì lọ sílé. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ bèèrè wọn lójú àwọn ọmọ lọ́jọ́ kejì, ó ní rọ́bà orí wọn ń ṣí, òun fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kò tíì gbẹ. Morẹ́nikẹ́ wò ó díẹ̀. Ó kó pátákó mẹ́rin kúrò ní ibùdó kẹrin, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fọn fèrè.

Jọkẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbi ògiri nígbà tí olùbẹ̀wò dé ibẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ Jọkẹ́ ìdí tó fi jẹ́ pátákó ni wọ́n ń lò. Jọkẹ́ ti rí bátì méjì náà lábẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, rọ́bà wọn lẹ̀ mọ́ wọn gbagidi. Ó wo bàbá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Wọ́n ń lẹ̀ wọ́n ni, sà,” ó dáhùn, ó sì tẹ orí ba.

Mákindé kò tíì gbọ́ kí Jọkẹ́ parọ́ rí. Ó jáde, ó gun alùpùpù rẹ̀ gba orí òkè lọ sílé, ó sì padà kí fèrè tó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé bátì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sún mọ́ Morẹ́nikẹ́.

“Rọ́bà wọn kò ṣí,” ó sọ ọ́ ní ohùn kékeré. “Èmi ni mo gbé wọn pamọ́.”

“Mo mọ̀, sà,” ni Morẹ́nikẹ́ wí. Kò gbé ohùn sókè. “Ẹ bá mi mójú tó sáàfù. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n tó yín.”

Mákindé dúró sídìí tábìlì kejì. Ó fi hàn wọ́n bí bọ́ọ̀lù ṣe ń jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ tó là gbalaja, bí a ṣe ń jù ú sókè gan-an, tí a óò dúró kó máa bọ̀ wálẹ̀ kí a tó gbá a, kó kọ́kọ́ bà ní ìhà tiwa kó tó fo àwọ̀n. Tàwàkálítù ṣe é dáadáa ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá ti sọ ní ibùdó Morẹ́nikẹ́, ojú Mákindé a sá lọ síbẹ̀, àyà rẹ̀ a sì gbóná.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Jọkẹ́ rìn ṣáájú, Mákindé ń ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, títí wọ́n fi gun òkè tán. Ibẹ̀ ló ti yíjú padà.

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wa ní sáàfù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

“Èmi ni,” Mákindé dáhùn.

Jọkẹ́ dúró dè é, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀.