Èènì tí Sabina Kò Kà

Ọkàn Sabina kò balẹ̀ láti òwúrọ̀. Onílé ti ní kó mú èsì wá kó tó di ìrọ̀lẹ́: ṣé yóò san owó tuntun ni, àbí yóò kó ìkòkò rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìrẹsì ní àdúgbò Pedro? Owó ṣọ́ọ̀bù ti fò láti ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún lóṣù sí ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún. Òróró wọ́n. Ẹja tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń kó wá láti Ìlàjẹ pàápàá, ó wọ́n.

Ezekiel, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, jókòó tì í, ó ń tẹ fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ó san, bí ẹ tà bí ẹ ò tà: ṣọ́ọ̀bù, owó oṣù àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, iná, omi. Igba ẹgbẹ̀rún ni lóṣù. Èló lẹ ń ta abọ́ kan?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà."

"Èló ló ń wọ inú ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀fà. Mo ti ka gáàsì mọ́ ọn."

"Irinwó ló kù. Bí ẹ bá ta ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta abọ́, ẹ ò jèrè, ẹ ò pàdánù. Ẹgbẹ̀ta sì lẹ ń tà lóṣù. Ẹ mí jàre!"

Sabina mí. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyá Níní, èènì mi dà?" Àlímì ni, káfíńtà tó ń jẹun lórí bẹ́ńṣì.

Sabina, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Níní, bu ìrẹsì ṣíbí kan lé e, ó fi orí ẹja sí i. Ojú Ezekiel tẹ̀ lé ṣíbí náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ìyẹn?"

"Ta ló ń ka èènì? Ṣé mo tà á ni?"

"Gbogbo wọn lẹ ń fún?"

"Gbogbo wọn."

"Èló ni?"

Sabina fi ojú wọn ṣíbí náà. "Ó... ó tó ọgọ́rùn-ún náírà."

Ezekiel tún tẹ fóònù. "Ọ̀ọ́dúnrún péré ló kù nígbà náà. Ẹ gbọ́dọ̀ ta ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ẹ ò tà tó bẹ́ẹ̀. Ogún ẹgbẹ̀rún lẹ ó máa pàdánù lóṣooṣù."

Sabina gbé ṣíbí náà sílẹ̀. "Kí n dá èènì dúró?"

"Rárá o. Tabitha tó ń ta ìrẹsì ní òdìkejì títì ń fún wọn ní èènì. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún lé iye abọ́. Iye abọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ tà yóò padà sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nínú ẹgbẹ̀ta tí ẹ ń tà, ọgọ́rùn-ún abọ́ nìkan ló lè lọ."

"Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?"

Ezekiel ti fóònù bọ àpò. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

Sabina yíjú sí oníbàárà rẹ̀. "Àlímì, láti òní lọ, ẹgbẹ̀jọ ni o."

"Ẹgbẹ̀jọ! Ṣé ẹ fẹ́ fi ra ọkọ̀ ojú omi ni? Èènì ńkọ́?"

"Ó wà."

"Èmi á máa wá ní tèmi. Àwọn tó kù ni mi ò mọ̀."

Sabina pe onílé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo máa san."

Ọkùnrin méjì tó ń dúró láti ra oúnjẹ wo ara wọn, wọ́n rọra dìde, wọ́n sọdá títì.

Abọ́ méjì ti lọ. Ó ku méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.