Lẹ́tà Tí Jíbrílù Kò Kà

Lẹ́yìn ìrun ásárì ni Jíbrílù jókòó síbi kànga agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì rí i pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Olùkọ́ yunifásítì ni Jíbrílù. Ìmeèlì tó wọlé wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun, tó máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sí ibùdó ìwádìí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni bí kọ̀ǹpútà ṣe lè wá ipa ọ̀nà tó kúrú jù láàrin oríta ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọn kò gba Khairiyyah, akẹ́kọ̀ọ́ tó mú jù tí Jíbrílù tíì kọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Jíbrílù ti kọ̀wé béèrè ìdí, èsì rẹ̀ ló ń kà yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní máàkì ọmọ náà dára gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀ kò sọ ju pé ó níwà, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kì í sì í pẹ́ dé kíláàsì. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ nípa ìṣòro tí ọmọ náà yanjú rí. Lẹ́tà àwọn yòókù sọ ti wọn. Ààyè ti kún.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn tó ṣì wà ní yunifásítì nìkan ni ibùdó náà ń gbà, oṣù tó ń bọ̀ sì ni Khairiyyah yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí èyí kò bá bọ́ sí i, kó wá máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù.

Ta ló wá kọ lẹ́tà náà? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ní ẹ̀ka tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ lẹ́tà ara rẹ̀, olùkọ́ á wá fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Jíbrílù nígbà tirẹ̀ nìyẹn. Ìwé ìdánwò kún orí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ náà wá béèrè lẹ́tà, ó ní kí Khairiyyah kọ ọ́ wá, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ránṣẹ́. Kò kà á. Ọ̀lẹ ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro rí. Lọ́dún tó kọjá, Jíbrílù ń kọ́ wọn ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wá ipa tó kúrú jù, ọ̀nà tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bí iye tí ipa kan ń náni bá kéré ju òdo lọ. Ó ní ìyẹn kò le: kí wọ́n fi iye kan náà kún ipa kọ̀ọ̀kan títí kò fi ní sí èyí tó wà lábẹ́ òdo mọ́. Khairiyyah nawọ́, ó tọrọ àyè, ó sì ya àmì mẹ́ta sójú pátákó. Láti A dé B, méjì. Láti B dé C, òdì mẹ́ta, ìyẹn ni pé ó fi mẹ́ta kéré sí òdo. Láti A dé C tààrà, ẹyọ kan. Ẹni tó gba B kọjá ná òdì kan, tirẹ̀ ló kúrú jù. Ó wá fi mẹ́ta kún ipa kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba B ná márùn-ún, ẹni tó lọ tààrà ná mẹ́rin. Ìdáhùn ti yí padà, nítorí ẹni tó rin ipa méjì ni wọ́n fi mẹ́ta kún fún lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mẹ́wàá ni Jíbrílù ti fi àṣìṣe yẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ó sì yára pa pátákó rẹ́. Ojú tì í.

Ó dìde níbi kànga, ó gba Ìdúmọ̀tà bọ́ sí Balógun, níbi tí Àlàájà Hàwáwù, ìyá Khairiyyah, ti ń ta léèsì. Ọmọ náà ń ká aṣọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n kọ, kò sunkún, ó kàn ń ká aṣọ lọ. Ìyá rẹ̀ ló fa àga fún olùkọ́, tó ń dúpẹ́ wàhálà tó ṣe lórí ọmọ òun. Ó ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọpẹ́ yẹn dun Jíbrílù ju èébú lọ, nítorí ó mọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tí kò kà á.

Ó rọra bi Khairiyyah pé, “Kí ló dé tó ò fi ọ̀rọ̀ òdì mẹ́ta yẹn sínú ẹ̀?”

“Mo kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, sà. Mo wá yọ ọ́.” Kò gbójú sókè. “Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ pé tíṣà mi ṣàṣìṣe, kí n tún gbé e fún yín pé kẹ́ ẹ sáìn ín? Mo rò pé tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ̀yin fúnra yín á fi í sí i.”

Jíbrílù yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ó ní, “Màá kọ òmíràn lónìí. Èmi fúnra mi.”

“Sí ta ni, sà?”

Jíbrílù tún ṣí ìmeèlì náà: ààyè ti kún. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè léèsì aláwọ̀ ewé. Khairiyyah ní kó wọlé, ó mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ, ó sì wọn yáàdì márùn-ún fún un.