Gẹ̀ẹ́sì Hilda, Ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà

Èmi ni olùkọ́ tó ń bójú tó àpilẹ̀kọ àṣekágbá Hilda. Odindi orí kan nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé inú ìwé kékeré tí bàbá rẹ̀ àgbà fi Yorùbá kọ lórí ìtàn àdúgbò Bẹẹrẹ n'Íbàdàn ló ti túmọ̀ rẹ̀. Kò fi àmì àyọlò sí i, kò sì dárúkọ bàbá. Ìwé yẹn wà nílé mi!

Mo bi í. Ó ní, "Sà, èmi ni mo kọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn."

"Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tìẹ! Ta ló ni ọ̀rọ̀?"

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àpilẹ̀kọ wò fún un ní òdo, bàbá àgbà wọ takisí láti Bẹẹrẹ wá sí ọ́fíìsì mi. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo kọ ìwé, mo sì ti fún un. Ogún ẹ̀ ni."

"Bàbá, ẹ fún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ọ̀dọ̀ yín lòun ti rí i. Ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Hilda, tó tẹ̀lé e wọlé, kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá wò ó títí.

"Hilda, ṣé ojú ń tì ẹ́ láti dárúkọ mi ni?"