Agolo Tí Kì Í Ṣàn

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Adéwọ̀yìn pe Kàdíjà jáde láti ilé ìdáná ilé-ìwé, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ kan lé e lọ́wọ́.

"Ìyá Mùíbì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da ojú rẹ̀ dé."

Kàdíjà rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ẹ ní kí n dà á dé, sà?"

"Ẹ dà á dé."

Ó dà á dé. Ọbẹ̀ náà rọ̀ mọ́ abọ́ bí ẹ̀kọ tútù. Kò já bọ́, kò tilẹ̀ mì. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó.

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé," ni ọ̀gá wí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. "Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú wọn fi lẹ ìwé rẹ̀ tó ya, ìwé náà sì lẹ̀. Ó mú un wá fi hàn mí."

Kàdíjà wolẹ̀. Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

"Lọ́la, èmi ni màá kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Bó bá tún rí báyìí, ẹ má bínú sí mi, màá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná lọ́wọ́ yín. Òbí àwọn ọmọ ti ń sọ̀rọ̀."

Ọdún méje ni kọ́kọ́rọ́ náà ti wà létí ìró Kàdíjà. Ọgọ́ta ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà ilé-ìwé yẹn, lójú ọ̀nà Ìsúndúnrin, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ìgbà tí tòmátò tútù wọ́n ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ti inú agolo, láti ìgbà náà sì ni ọbẹ̀ rẹ̀ ti yí padà. Á máa jó mọ́ ìdí ìkòkò bó ti wù kí ó máa rò ó tó. Òróró kì í léfòó. Bó bá sì tutù, á dì. Ó ti pààrọ̀ ìkòkò, ó ti pààrọ̀ òróró, ó ti bá ẹni tó ń ta igi fún un jà. Agolo nìkan ni kò fura sí, nítorí ọ̀dọ̀ Ìyá Bọ́látitó ni ó ti ń rà á, Ìyá Bọ́látitó kò sì ní ta ọjà burúkú fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gun ọ̀kadà lọ sí ọjà Èjìgbò.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Bọ́látitó lò ní Àbíjàn kí ó tó padà wálé. Mọ́tò tó ń ti ọ̀hún bọ̀ ló ń já ọjà rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ara ọ̀pọ̀ agolo tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń sọ Faransé bí ẹni ń jẹ gúgúrú, ṣùgbọ́n kò kàwé rí, yálà ti Faransé tàbí ti Yorùbá.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi dé," ni ó wí bí ó ti rí Kàdíjà. Láti ọdún tó kọjá tí Kàdíjà ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kò ti pè é ní orúkọ mìíràn mọ́. "Ẹ̀kọ́ wo lẹ kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé ẹ ti dé A B D, àbí ẹ ṣì wà ní A?"

"A ti kọjá ibẹ̀, mà. Ẹ kú ọjà. Ìyá mi, ọbẹ̀ mi fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, dé orí ìwé tí ọmọ fi ọbẹ̀ lẹ̀. Ìyá Bọ́látitó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Nígbà tó rí i pé ẹnìkejì òun kò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

"Kì í ṣe agolo mi," ni ó wí. Ó mú ọ̀kan tí ó ti ṣí kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà láti wò, ó da ojú rẹ̀ kọlẹ̀. Tòmátò náà kò yẹ̀. "O rí i? Bí màlúù bá tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣàn. Bí mo ṣe ń yẹ ọjà wò nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń tà á. Èyí tó bá ń ṣàn, omi ni wọ́n bù sí i."

Kàdíjà rántí abọ́ ọ̀sán. Bí ọbẹ̀ òun náà ṣe di abọ́ mú nìyẹn. Ó gba agolo náà, ó yí i sí ibi tí wọ́n kọ nǹkan wẹ́wẹ́ sí, ó mú un sún mọ́ ojú.

"Kí lo ń wá níbẹ̀? Kò sí àwòrán níbẹ̀. Iwájú ni àwòrán wà."

"Olùkọ́ wa, Olúwabùnmi, sọ pé gbogbo ohun tó wà nínú oúnjẹ ni wọ́n ń kọ sára agolo. Ó ní èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, títí dé èyí tó kéré jù."

"Faransé ni wọ́n kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ Faransé ni?"

"Èmi ò gbọ́ ọ, mà. Ẹ̀yin gbọ́ ọ. Màá pè é, ẹ ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Ìyá Bọ́látitó fa àpótí sún mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ ọn.

"Ti àkọ́kọ́," ni Kàdíjà wí, ó fi ìka sí i. "E. A. U. É-à-ú."

"Ológbò ni?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, mà."

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Faransé. Fò ó."

"Tòmátò ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èyí. A. Mi. Don." Ó tún un pè pọ̀. "Amidon."

Ìyá Bọ́látitó tẹ̀ síwájú lórí àpótí. Ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀.

"Tún un pè."

"Amidon."

"Amidọ́ọ̀n," ni ìyá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èmi ni mo ń po amidọ́ọ̀n fún aṣọ ọkọ mi ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, kó tó lọ kírun. Sítáàṣì ni. Sítáàṣì tí a fi ń mú kí agbádá dúró."

Àwọn méjèèjì wo agolo tí kò ṣàn.

"Ó tún ku èyí," ni Kàdíjà wí. "So. Ja. Soja."

"Wọ́n tún fi ṣọ́jà sí i?"

Ìyá Bọ́látitó fi fóònù pe ọmọ rẹ̀, Bọ́látitó, tó kàwé ní Àbíjàn, tó sì ṣì wà níbẹ̀. Bọ́látitó ní ẹ̀wà sóyà ni, èèpo rẹ̀ tí wọ́n lọ̀, wọ́n fi ń sọ ọjà di púpọ̀. Kàdíjà ní kí ìyá bá òun béèrè ti àkọ́kọ́ náà. Ó pe lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Omi ni, màmá," ni ohùn Bọ́látitó wí. "'O' ni wọ́n ń pè é."

"Omi ló wà níwájú?" Ìyá Bọ́látitó gbé fóònù sílẹ̀. "Èèyàn wo ló ń kọ lẹ́tà mẹ́ta, kó wá pe ẹyọ kan tí kò sí níbẹ̀?"

"Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, mà," ni Kàdíjà wí. "Sítáàṣì ló ń di omi náà mú tí kò fi ṣàn. Òun náà ló ń jó mọ́ ìkòkò mi."

Ìyá kò fẹ́ gbà kíákíá. Ó tọ́ka sí agolo kan tí eruku ti bò lókè pẹpẹ. "Kí ni ìbá sì sàn nínú wọn? Ìyẹn lókè kò dára tó èyí. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Oníbàárà kan ló kà á fún mi. Agolo tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni tòmátò òun, ta ni yóò rà á?"

Kàdíjà gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fi etí ìró nù ún. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tòmátò ni àkọ́kọ́. Ó pe èkejì.

"Sel."

"Iyọ̀."

"Ó tán. Kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kọ èyí sí. S. E. C. Sẹk."

"Sẹ́kì ni gbígbẹ. Bí a ṣe ń pe ẹja gbígbẹ lọ́jà ọ̀hún nìyẹn."

Kàdíjà jókòó. Ìlú Ara ni wọ́n bí i sí, ó sì rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń la tòmátò sórí páànù lọ́dún tó bá pọ̀. Agbọ̀n kan á gbẹ tán, èyí tó kù kò ní ju ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lọ. Omi ni gbogbo ìyókù.

"Ìyá mi, ìyẹn kì í ṣe àbùkù," ni ó wí. "Bí a bá sá tòmátò tútù tó wúwo ọgọ́rùn-ún, bóyá ni èyí tó máa gbẹ kù á tó márùn-ún. Èyí ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ti sè é títí omi ara rẹ̀ fi lọ. Èyí tí kò kọ nọ́ńbà kankan ni kò fẹ́ ká mọ tirẹ̀."

Ìyá Bọ́látitó wo òkè pẹpẹ, ó wo àwọn agolo iwájú tí àwòrán tòmátò ńlá wà lára wọn.

"Gbé mẹ́fà lọ," ni ó wí. "Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, èmi lo máa wá bá ta ọjà. Wàá máa kà á fún mi."

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Kàdíjà da agolo mẹ́ta sínú òróró tó gbóná, ó ń dín in. Kò jó. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, òróró sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́fà ni ó ti máa ń lò, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìkẹrin kí ó tó tọ́ ọ wò. Ó kan, ó sì le lẹ́nu débi pé ó dijú. Ó gbé ìkẹrin sílẹ̀. Omi tí wọ́n ti sè kúrò níbẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ dá a padà. Ó fi agolo òfìfo bu omi, méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó da ata àti àlùbọ́sà sí i, ó jẹ́ kí ó hó pẹ̀lẹ́. Agolo mẹ́ta ṣe iṣẹ́ mẹ́fà.

Ní ọ̀sán, Ọ̀gá Adéwọ̀yìn jókòó níwájú ọgọ́ta ọmọ. Kàdíjà gbé abọ́ ọbẹ̀ fún un, ó sì dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́ létí ìró.

Ọ̀gá kò mú ṣíbí. Ó gbé abọ́ sókè bíi ti àná, kí gbogbo èèyàn lè rí i, ó dà á kọlẹ̀ díẹ̀.

Ọbẹ̀ ṣàn. Ó ṣàn gba etí abọ́ kọjá sí apá aṣọ funfun tí ọ̀gá wọ̀ torí pé Ọjọ́ Ẹtì ni, òróró sì ń ṣáájú. Àwọn ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá wo apá aṣọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó fi ìka kan nù ún, ó fi ìka náà sẹ́nu.

"Ìyá Mùíbì," ni ó wí, "ṣé kọ́kọ́rọ́ yẹn wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Ẹ jẹ́ kó máa wà níbẹ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ."

Nígbà tí Kàdíjà dé ọjà ní ìrọ̀lẹ́, agolo tó ti dùbúlẹ̀ sínú eruku lánàá ló wà níwájú. Èyí tí kì í ṣàn ti bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìyá Bọ́látitó gbé ọ̀kan nínú wọn dání, ó dì í mọ́ ojú, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà lẹ́yìn. Ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn bí ó ti rí Kàdíjà.

Kàdíjà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ, títí dé orí apá aṣọ.

"Aṣọ funfun?" ni Ìyá Bọ́látitó wí. "Bá mi sọ fún un pé bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo ní sítáàṣì tí wọ́n máa fi lọ̀ ọ́. Páálí méjì ló kù."