Ìkíni Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà Àjàṣẹ́

Alfa Tahir kò jókòó nígbà tí wọ́n fún un ní àga. Ó gbé abala ìwé tó mú wá sókè, ó na ìka sí ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ní, "Ta ló túmọ̀ eléyìí?"

Ṣọ́ọ̀bù ìtumọ̀ Madam Ògúndèjì kò tóbi: tábìlì méjì, kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti fèrèsé tó kọjú sí títì Lágere níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń pe èrò. Fìyìnfólúwa, tó ń kọ́ṣẹ́ ìtumọ̀ lọ́dọ̀ Madam láti ìgbà tó ti parí ẹ̀kọ́ Faransé ní yunifásítì, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Èmi ni, sà."

"Kà á sókè."

Ó kà á láti ibi tí ìka Alfa wà. "I beg you, Madam, to accept the expression of my most distinguished feelings."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí o kà?" Alfa yíjú sí àbúrò rẹ̀, Alhaja Rùqáyyàh, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ọkùnrin tí kò rí ọ rí ló ń bẹ̀ ọ́ pé kí o gba ìfẹ́ inú òun. Ìwọ opó! Òun kan náà ló ní kí o wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ àwọn. Ó ti o! Èmi ò fọwọ́ sí i."

Ìlẹ̀kẹ̀ ni Alhaja ń sín tà ní Enuwa, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé òkìkí rẹ̀ kọjá bọ́dà. Ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Àjàṣẹ́ ló kọ̀wé sí i lédè Faransé pé kí ó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ibẹ̀ níṣẹ́. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà ti dé ló ti ń fi orúkọ Àjàṣẹ́ kún àdúà àsùbáà rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, inú agbo ilé bàbá wọn ló ń gbé, kò sì ní jáde ìlú láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ̀ǹda.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ná," ló wí ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ara Fìyìnfólúwa bù máṣọ. Nílé tó ti dàgbà, ẹnì kan kì í fo ìkíni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé, oríkì bàbá ńlá rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ ní sùúrù: bí o bá kì í dé àárín tí o fo ìlà kan, wàá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ kan lẹ́tà Alhaja, ó ti gbàdúrà pé kí Olúwa má jẹ́ kí òun dín ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kù. Kò sì dín in kù lóòótọ́.

Madam Ògúndèjì gba ìwé náà, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alfa, ẹ má bínú. Nígbà tí mò ń kàwé ní Lọmé, onílé mi kọ̀wé sí mi pé bí n kò bá kó jáde, ọlọ́pàá ló máa kó mi. Ẹ mọ bó ṣe parí ìwé yẹn? Gbólóhùn yìí gan-an ni."

Alfa wá jókòó wàyí. "Onílé tó ń lé yín jáde?"

"Òun náà ni. Ó ń bẹ̀ mí kí n gba ìkíni àpọ́nlé òun."

Alhaja ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé kò fẹ́ mi!"

"Kò sí ìfẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀," Madam wí. "Bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn lẹ́tà ọ́fíìsì nìyẹn. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́."

Kò tíì tẹ́ Fìyìnfólúwa lọ́rùn. "Ṣùgbọ́n mà, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n kó síbẹ̀. Níbo ni kí n gbé gbogbo ẹ̀ sí nínú Gẹ̀ẹ́sì?"

"Bí mo bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, kí ni mo máa ń sọ?"

"Ẹ kú iṣẹ́."

"Túmọ̀ ẹ̀ fún òyìnbó."

"'Greetings for…'" Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á.

"Òyìnbó á máa wò ọ́ bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. 'Hello' ni wàá sọ, á sì mọ̀ pé o kí òun. Ìkíni lo máa fi pààrọ̀ ìkíni. Wo bó ṣe pe Alhaja lókè lẹ́tà: 'Madame' lásán, kò dárúkọ. Kí ni tìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì?"

"'Dear Madam.'"

"Báwo la ṣe ń parí 'Dear Madam'?"

"'Yours faithfully.' Ká ní orúkọ Alhaja la kọ lókè ni, 'Yours sincerely' ni ì bá jẹ́."

"'Faithfully' kẹ̀?" Alfa Tahir na ọrùn. "Ta ló ṣèlérí òtítọ́ fún ta?"

"Alfa!" Madam wí. "Ẹ̀yin náà ti kọ ọ́ nínú ìwé ìwáṣẹ́ rí, ẹ ò sì bi ara yín léèrè!"

Alfa rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Fìyìnfólúwa pa gbólóhùn gígùn náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, ó fi ọ̀rọ̀ méjì péré rọ́pò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Alfa kà á lókè délẹ̀.

"Èyí ní làákàyè. Rùqáyyàh, máa lọ. Mo fọwọ́ sí i."

"Alhamdulilahi!" Alhaja ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀. "Ó ku kí wọ́n tún kọ̀wé sí mi. Màá rọra dúró dè wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì létí Fìyìnfólúwa. "Alhaja, ẹ máa dúró de kí ni?"

"Kí wọ́n sọ ohun tó kàn ni. Ṣebí wọ́n ti sọ tẹnu wọn, wọn ò bi mí ní nǹkan kan."

Wọn ò bi í ní nǹkan kan? Fìyìnfólúwa fa lẹ́tà Faransé mọ́ra, ó tún gbólóhùn ìkẹyìn kà láti orí rẹ̀. *Dans l'attente de votre réponse, que nous espérons favorable, je vous prie d'agréer, Madame…* Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ìdajì tó kẹ́yìn ni ìkíni. Ìdajì tó ṣáájú kì í ṣe ìkíni rárá: iṣẹ́ ni wọ́n rán níbẹ̀. Wọ́n rán an mọ́ ìkíni bí ìgbà tí èèyàn rán àpò mọ́ agbádá, òun sì ti gbé agbádá náà jù nù tàpò-tàpò.

"Mà, ẹ wo ibí."

Madam wò ó pẹ́. "Èmi náà ò bojú wo ìdajì yẹn. Ó yẹ kí n wò ó."

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé yẹn padà. Wọ́n ń retí èsì yín. Wọ́n ní àwọn ní ìrètí pé ẹ máa gbà. Bí ẹ bá dúró dè wọ́n, wọ́n á rò pé ẹ kọ̀ ni."

Ọwọ́ Alhaja dúró lórí báàgì. "Áà! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ pàdánù ẹ̀?"

Fìyìnfólúwa ti ń tẹ̀wé. Ó fún iṣẹ́ tí wọ́n rán ní ìlà tirẹ̀, kí ojú má baà fò ó: "We look forward to your reply, and very much hope that you will be able to come." Ó wá fi "Yours faithfully" sí abẹ́ rẹ̀. Ó kà á sókè, Madam mi orí pé ó dára, Alfa ní, "Ọkùnrin yìí mà bọ̀wọ̀ fún èèyàn o."

Alhaja kò gba ìwé tuntun náà. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó jókòó ti Fìyìnfólúwa.

"Ọmọ mi," ló wí, "jọ̀ọ́, bá mi kọ èsì sí wọn ní Faransé pé mò ń bọ̀."