Jọ́ọ̀gì Tó Lè Dúró De Àdúrà

Bàbá Josiah kì í fi àdúrà ṣeré. Ẹni tó bá ti bá a jókòó sídìí tábìlì rí mọ̀ pé kí oúnjẹ tó wọ ẹnu, Bàbá yóò kọ́kọ́ yí ayé ká. Ọ̀gá ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àtijọ́ níbẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹgbẹ́ náà máa ń pàdé ní ilé oúnjẹ Moyọ̀sọ́rẹ. Wọ́n á mu kọfí, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níjókòó.

Kọfí ni tiwọn, kì í ṣe tíì. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó kọ́ wọn níwèé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n mu nígbà èwe, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lẹ́nu wọn mọ́. Ọmọ Màmá Blessing, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ń fi kọfí lílọ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun. Moyọ̀sọ́rẹ á sè é nínú kẹ́tùlù, á sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kò yé há sí àwọn àgbà léyín, àwọn tó ń lo eyín àfisí kò sì rí i bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Màmá Blessing kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ìpàdé kan, ó pe Moyọ̀sọ́rẹ sí ẹ̀gbẹ́.

"Moyọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì tuntun ojú títì yẹn ti ra ẹ̀rọ kọfí. Wọ́n ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Èmi ò fẹ́ kúrò ńbí o, àmọ́ àwọn yòókù ti ń sọ ọ́."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mà. Màá wá nǹkan ṣe sí i."

Yàrá ìgbàlejò ìyá rẹ̀ ni Moyọ̀sọ́rẹ sọ di ilé oúnjẹ. Ìyá náà, Tíṣà Àmọ̀kẹ́, wà nínú ẹgbẹ́ yìí títí ó fi kú, òun ló sì kọ́kọ́ mú wọn wá sínú ilé yẹn. Bí wọ́n bá kó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò ní sí ẹnikẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀ tí yóò máa wọlé síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù èyí ba Moyọ̀sọ́rẹ gan-an, kò kàn fi hàn ni.

Ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Yúgọ́ọ̀tì ló ń ṣe tà láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ooru kì í ṣe àjèjì sí i, ó sì ní tẹmómítà tirẹ̀. Ó kà pé omi tó ń bọ́ sórí kọfí gbọ́dọ̀ gbóná tó dígírì méjìlélàádọ́rùn-ún, kó má sì kọjá mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Bí kò bá gbóná tó, adùn kọfí kò ní jáde, omi kíkan lásán lèèyàn máa mu. Bó bá gbóná jù, ìkorò ni yóò fà jáde. Ó kà pé ibi tí omi ń gbà tú gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó ní ihò púpọ̀ bí ìdí ajere, kó lè rin gbogbo kọfí dọ́gba. Ó ka ọ̀rọ̀ nípa jọ́ọ̀gì tí kọfí ń dà sí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò fiyè sí ìyẹn tó.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ Israfil, tó ń ta ẹrù ilé ìdáná tókunbọ̀ nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Ohun tó mú un lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ni pé Israfil máa ń tan jẹnẹrétọ̀ kí oníbàárà lè dán ọjà wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àdúrà nìkan ni wọ́n máa ṣe lé ọjà tí wọ́n bá tà fún ọ, wọn kì í dán an wò.

"Ẹ kú ọjà o, Alhaji."

"Yọ̀ọ̀, àǹtí mi. Ẹ̀rọ kọfí? Mẹ́ta ló wà ńlẹ̀. Èmi kì í mu ún o, àyà mi máa ń já. Ẹ bá ara yín yàn án."

Èyí àkọ́kọ́ ń dán yinrin, ó ní aago lójú. Moyọ̀sọ́rẹ bu omi sí i, ó fi tẹmómítà sábẹ́ ibi tí omi ń bọ́ sí, ó ní sùúrù kí omi ìbẹ̀rẹ̀ tó máa ń tutù kọjá lọ. Kò kọjá mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nígbà tó fi díẹ̀ sí i nínú kọfí tó mú dání, ihò kan ṣoṣo ni omi ń gbà jáde. Ó gbẹ́ kòtò sí àárín kọfí bí òjò abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, etí rẹ̀ sì gbẹ táútáú.

"Aago lẹ̀ ń tà fún mi yìí, Alhaji," ló wí. Israfil rẹ́rìn-ín, ó gbé e kúrò.

Èkejì kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ihò wẹ́wẹ́ kún ibi tí omi rẹ̀ ń gbà tú yíká. Tẹmómítà gun mẹ́tàlélàádọ́rùn-ún, ó dúró síbẹ̀. Kọfí inú rẹ̀ rin dọ́gba láti etí dé etí. Jọ́ọ̀gì gíláàsì ló ní, ó jókòó sórí irin tó ń gbóná kí kọfí má bàa tutù. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ohun tó wà nínú wọn kò yàtọ̀, àfi pé jọ́ọ̀gì tirẹ̀ jẹ́ fúlásíkì onírin, kò sì ní irin gbígbóná lábẹ́. Ẹ̀gbẹ́ fúlásíkì náà ti tẹ̀ wọnú díẹ̀.

Moyọ̀sọ́rẹ mu kọfí èkejì lójú ẹsẹ̀. Ó dùn dé ọ̀fun. Inú rẹ̀ dùn ju bí kọfí ṣe dùn lọ. Ó wo fúlásíkì tó tẹ̀ yẹn, ó rò ó pé èèyàn kì í gbé irú èyí síwájú àgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ mu. Ó gbé onígíláàsì.

Àṣìṣe tó ṣe kò kọjá èyí: nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó dúró de ẹnikẹ́ni. Kọfí jáde, ó mu ún. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe nílé.

Nígbà tí Sátidé pé, ó tan ẹ̀rọ ní àkókò ìpàdé. Òórùn kọfí gba gbogbo ilé, àwọn àgbà sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Josiah kò tíì dé, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi ẹnu kan kọ́ọ̀pù ṣáájú rẹ̀. Bàbá dé, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó, ó di ojú. Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí irin ni kọfí ti ń gbó tirẹ̀, ó sì ń gbó jù. Moyọ̀sọ́rẹ wà ní kíṣìnì, ó ń gbọ́ bó ṣe ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí gíláàsì. Ó gbé jọ́ọ̀gì kúrò lórí irin, kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó dá a padà, òórùn rẹ̀ yí padà di ti ohun tó jóná.

Àwọn àgbà mu ún. Wọ́n ní ó dùn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ọmọlúwàbí ni wọ́n ti wá. Kọfí tó ṣẹ́kù nínú kọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ju ìdajì lọ. Màmá Blessing sún tirẹ̀ sí àárín tábìlì, ìyẹn ló sì dun Moyọ̀sọ́rẹ jù.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ kí Bàbá Josiah nílé. Ó kúnlẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ po títí, kó tó bọ́ sórí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ṣé ẹ lè bá mi gé àdúrà yẹn kúrú díẹ̀ ni? Kọfí ló ń jóná."

Bàbá kò bínú. Ó rò ó wò bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kọfí jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

"Èwo ni kí n yọ ńbẹ̀, ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Orúkọ àwọn tó ti lọ nínú wa ni mo máa ń dá. A ó dúpẹ́ fún ayé tí wọ́n gbé, a ó sì gbàdúrà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ti ń pọ̀, òun ló jẹ́ kí àdúrà máa gùn. Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Àbí o ò gbọ́ ọ rí?"

Kò gbọ́ ọ rí. Kíṣìnì ló máa ń wà, ó ń ṣọ́ kẹ́tùlù. Ojú tì í gan-an. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún òun nínú ilé òun fúnra rẹ̀, àmọ́ iná sítóòfù ni òun ń wò.

"Ẹ má yọ ọ̀kankan, sà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀rọ ni màá pààrọ̀."

Nígbà tó padà dé Ọ̀yọ́, Israfil kò bá a jiyàn. Kíá ni yóò rí ẹni ra onígíláàsì, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó béèrè onífúlásíkì. Lọ́tẹ̀ yìí, Moyọ̀sọ́rẹ kò kánjú. Ó da omi gbígbóná sínú fúlásíkì kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dà á nù, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe kọfí sínú rẹ̀, ó dé e pa. Kò tọ́ ọ wò.

"Ẹ ò ní mu ún ni?" Israfil béèrè.

"Rárá. Ṣé ẹ ò tíì kírun Àílà?"

"Mo fẹ́ lọ báyìí."

"Ẹ lọ. Ẹ má kánjú dé rárá."

Israfil wò ó bí ẹni tí oòrùn ti pa, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ó kírun, ó jókòó gbọ́ wáàsí, ó bá ará àdúgbò rẹ̀ kan dúró sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó dé, Moyọ̀sọ́rẹ ṣí fúlásíkì, ó ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ó ṣì wà ní ọgọ́rin. Ó mu ún. Kò korò ju bó ṣe yẹ lọ, òórùn rẹ̀ kò sì jóná. Israfil gan-an bu díẹ̀ mu, ó ní àyà òun yóò fara dà á lónìí.

Nígbà tí ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e yí ká, òjò dá Bàbá Josiah dúró, ó pẹ́ kó tó dé. Fúlásíkì tó tẹ̀ wà láàárín tábìlì, ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kò sí ohun kankan láti ṣọ́ ní kíṣìnì. Moyọ̀sọ́rẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ojú bí àwọn yòókù.

Bàbá dúpẹ́ fún òjò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ. Ó mọ ohun tí oníkálukú ń kọ́ni, ó mọ ẹni tó ń na ọmọ àti ẹni tí kì í nà wọ́n. Ó ní, "A dúpẹ́ fún Àmọ̀kẹ́, tó fi ìṣirò yé àwọn ọmọ tí gbogbo wa ti sọ̀rètí nù lórí wọn. Olúwa, rántí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Má jẹ̀ẹ́ kó dá wà." Gbogbo ilé ṣe àmín. Moyọ̀sọ́rẹ fi etí aṣọ nu omijé.

Bàbá kò tíì parí. Àwọn mìíràn ṣì wà níwájú, kò sì gé ọ̀kankan kúrú.

Nígbà tó dákẹ́, Màmá Blessing ṣí ìdérí, ó bu kọfí fún alága. Èéfín rẹ̀ ń gòkè. Bàbá mu ún, ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó tún gbé e. Nígbà tí kọ́ọ̀pù yí tábìlì ká, ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó dùn. Wọ́n kàn ń mu ún.

Moyọ̀sọ́rẹ yí padà sí kíṣìnì, bó ṣe máa ń ṣe.

"Níbo lò ń lọ?" Màmá Blessing béèrè. "Kí ló wà ńbẹ̀ tó o fẹ́ lọ wò?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Ó dáa náà."

Ó sún lórí bẹ́ńṣì, ó fi ọwọ́ nu àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín òun àti Bàbá. Moyọ̀sọ́rẹ lọ jókòó.