Àpótí Tó Kéré Jù

Nọ́ọ̀sì náà ti fọwọ́ sọ̀yà pé kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ sílàìdì ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń tàn sára ògiri yẹn ju òun lọ. Ṣé kì í ṣe òun ló ń kọ́ àwọn aláìsàn kíndìnrín bí wọ́n á ṣe máa fi omi fọ ikùn wọn fúnra wọn nílé ni? Ṣé kì í ṣe Yorùbá ló fi ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà láti kékeré? Ó jókòó, ó sọ sílàìdì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n di Yorùbá láàárín ọjọ́ méjì, ó sì gbé e síwájú kíláàsì tayọ̀tayọ̀. Ẹ wá wò ó o, bàbá tó bí i lọ́mọ ló kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mejì gbáko.

Bàbá Wẹ́dà ni gbogbo ènìyàn ń pe bàbá náà. Ogójì ọdún ló fi jó irin pọ̀ mọ́ irin, orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò kejì, ó so rọ́bà pọ̀, ó fi omi ṣan án bó ṣe yẹ, ìgbà tó kù kó ti kílíìpù ló dúró, ló ń wo orí tábìlì bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Omi tuntun ń dà lọ sínú àpò ìdànù.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?" Dókítà ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Oríṣi nǹkan mẹ́ta ni mo kà lára ògiri yín," ni bàbá wí. "Ẹ ní kí n ti ìdè. Ẹ ní kí n ti ohun tí a fi ń há ọ̀nà omi. Ẹ tún ní kí n ti kílíìpù. Oríṣi kan ṣoṣo ni mo rí níbí. Méjì yòókù dà?"

Háà! Ojú ti nọ́ọ̀sì débi pé ó ń wá ilẹ̀ tó máa lanu. Nǹkan kan náà ni! Òun fúnra rẹ̀ ló fún un lórúkọ mẹ́ta, ọ̀kan ní sílàìdì kẹrin, ọ̀kan ní ìkọkànlá, ọ̀kan ní ìkẹtàdínlógún. Dókítà ní ìdánwò ìkẹyìn di Ọjọ́bọ̀. Bí bàbá bá tún kùnà, wọ́n á yọ rọ́bà inú ikùn rẹ̀, á sì máa wá sídìí ẹ̀rọ nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni láti ilé bàbá, ìyá nọ́ọ̀sì tó wà nílé kò sì lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Aládùúgbò ló ń bá wọn gbé ìyá dìde lọ́sẹ̀ yìí. Ta ni yóò máa gbé e títí?

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ló ránṣẹ́ pe Ìyá Àkọlé. Ìyá yìí ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, níbi tó ti kọ àkọlé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó wọlé ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù tó ti gé jẹ, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kò sì wo sílàìdì kìíní rárá.

"Ọmọ mi, àpótí tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀ dà?"

Nọ́ọ̀sì rò pé àwàdà ni. "Ẹ̀yin ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Mà?"

"Ibẹ̀ náà ni ìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n rí i ní sílàìdì ìkẹrìnlá: àwòrán àpò méjì àti rọ́bà, ọfà tọ́ka sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àpótí bíńtín sì wà ní ìdí ọfà kọ̀ọ̀kan. Ìyá fi ìka kà á. Lẹ́tà mẹ́wàá ló gbà, pẹ̀lú àlàfo. "Ọ̀rọ̀ tí kò bá wọ ibí kò gbọdọ̀ wọ ibòmíì," ni ó wí. "Bó o bá lo gígùn níwájú, tó o dé ibí tí kò gbà á, wàá sá lọ wá òmíràn. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe dé orúkọ mẹ́ta."

"Ṣùgbọ́n Mà, ọ̀nà kan kò wọ ọjà."

"Ọjà nìyẹn. Ẹni tó di rọ́bà mú lọ́wọ́, tí omi ń dà, kò lọ sọ́jà."

Ìyá ní kí wọ́n pe bàbá wá láti wọ́ọ̀dù, níbi tó ti ń dúró de ìdánwò. Ó kó àpò àti rọ́bà síwájú rẹ̀, ó ń bi í pé kí ni yóò pe èyí bó bá fẹ́ rán ọmọ mú un wá. Bàbá ń dáhùn, ìyá ń ka lẹ́tà, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé: Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, iye lẹ́tà ní ìparí. Kílíìpù, méje. Àpò ìdànù, mẹ́sàn-án. Àpò tuntun, mẹ́wàá géérégé. Omi tó ń fọ ikùn nìkan ni kò sí nínú àwòrán. Wọ́n pè é ní òògùn ìfọkùn, lẹ́tà méjìlá.

Gbólóhùn gígùn ni ogun tó kàn. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà ń sọ lẹ́tà di kéékèèké kó lè gbà á. Ìyá gbá a lọ́wọ́ díẹ̀.

"Dá a padà. Ṣé èèrà ló máa kà á ni? Má sì fún ìlà pọ̀, àmì orí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á gun àmì ìdí ọ̀rọ̀ òkè." Ó gé gbólóhùn náà ku *Ti kílíìpù àpò ìdànù*. Ìdí tí wọ́n fi ń tì í, ó kó o sísàlẹ̀ sílàìdì, níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń rí i. "Ohun tí ọwọ́ máa ṣe ni kó wà lára ògiri. Ìdí rẹ̀, ẹnu tìẹ ni kó sọ ọ́." Lẹ́yìn náà ló bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn kíláàsì, ó sì kà á láti ibẹ̀.

Ẹ gbà mí, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àgbà! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nọ́ọ̀sì tó ti ń bínú tẹ́lẹ̀ wá ń wò ó bí ọmọ tó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń dirun.

Ọ̀sán Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí, ni dókítà fi sílàìdì kan kún un: tábìlì onílà tí aláìsàn á máa kọ iye omi tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Àyè ìkọ̀wé inú rẹ̀ tín-ín-rín. Wọ́n kọ òògùn ìfọkùn sí i, ó fọ́ sí ìlà mẹ́ta, ìlà tó kẹ́yìn nínú tábìlì sì jábọ́ kúrò lójú sílàìdì.

"Omi ìfọ̀ á wọ̀ ọ́," ni ìyá wí. "Lẹ́tà méje."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ síbí nìkan," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ibi mọ́kànlélógójì ni òògùn ìfọkùn ti wà, Mà! Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá wò ó. "Bàbá rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ nọ́ọ̀sì lára. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi omi ìfọ̀ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ti ń kó pẹ́ńsù rẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé, "Ẹ dúró ná, Mà." Ó padà sí sílàìdì kìíní, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìkọkàndínlógún, fọ́tò páálí òògùn kan wà tí wọ́n ti kọ òògùn ìfọkùn mọ́ lára. Kọ̀ǹpútà kì í ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò. Nọ́ọ̀sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ìyá Àkọlé ti ìwé kékeré náà sí i níwájú, inú rẹ̀ dùn débi pé ó hàn lójú rẹ̀.

Ọjọ́rú ni wọ́n kọ́ kíláàsì. Ọjọ́bọ̀, Bàbá Wẹ́dà fọwọ́, ó fi nǹkan bo imú, ó so rọ́bà mọ́ ikùn ìdánrawò tí wọ́n dì mọ́ ọn. Omi àtijọ́ jáde. Ó fi omi tuntun ṣan rọ́bà, ó ka ení dé àrún. Dókítà, tí ọ̀rọ̀ sílàìdì àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, la ẹnu: "Ó yá, Bàbá, ẹ ti ìdè."

Ọwọ́ bàbá dúró. Nọ́ọ̀sì kò lè sọ ọ́ fún un, òfin ìdánwò kò gbà á. Bàbá gbójú sókè.

"Dókítà," ni ó wí, "ẹ má bínú o. Kò sí ìdè níbí. Kílíìpù ló wà níbí." Ó ti kílíìpù àpò ìdànù pa, kò sí omi kankan tó ṣòfò, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí tó fi dé ìdérí ìkẹyìn.

Dókítà jẹ́ kí bàbá parí. Ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ bàbá, ó kọ ọ́ pé ó yege, ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ìwé kékeré yẹn, ẹ yá mi."

Bàbá ti ń tú bẹ́líìtì ikùn ìdánrawò. Ó ń bi wọ́n bóyá mọ́tò ọ̀sán ṣì wà, nítorí ìyàwó òun ń retí òun.